Èsì: Àpilẹ̀kọ kan, ọ̀nà mẹ́ta

“Mo ti kọ àpilẹ̀kọ gígùn lórí àdìrẹ. Báwo ni mo ṣe lè fi ṣe lẹ́tà ìròyìn, pósìtì àti fídíò kékeré?”

Ẹ má wulẹ̀ gé e kúrú. Ẹ wá ohun tó lè dá dúró nínú rẹ̀. Aṣọ máa ń jáde nínú ìkòkò aró bí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù: fídíò yín nìyẹn. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá tí aṣọ ń yí àwọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, kí ìkíni tó dé. Lẹ́tà gba ìtàn aláró kan pẹ̀lú ìlínkì.

Pósìtì ló le jù. Ààyè 280 ni X fún ẹni tí kò sanwó, ṣùgbọ́n ààyè méjì ni wọ́n ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ, ọ àti ṣ sí. Bí ààyè kò bá tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé gbólóhùn, ẹ má yọ àmì.