Òkú tó gba dùndún ní géètì: bí mo ṣe ń há kéèsì sórí

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ka lọ́ọ̀, kéèsì ti pọ̀ jù fún mi. Mo á kà á lálẹ́, á dà bíi pé ó ti wọlé, tílẹ̀ bá mọ́ orúkọ ẹ̀ nìkan ló máa kù. Wọ́n ní kí n máa fi yàrá inú ilé há a, kí n máa fọkàn ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan, mo gbìyànjú ẹ̀ o, gbogbo ẹ̀ tún dàrú. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é gan-an?"

Àbúrò, ó ti ṣe mí rí. Ẹ̀sámù lọ́ọ̀ ilẹ̀ ni, wọ́n ní bàbá kan ń bá ará àdúgbò ẹ̀ du ilẹ̀, kí ni bàbá yìí máa fi hàn ní kọ́ọ̀tù. Mo mọ̀ pé Idundun v Okumagba ni, ẹjọ́ ilẹ̀ Wárì tí Súpírìmù Kọ́ọ̀tù dá ní 1976, mo tún mọ̀ pé ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Mo kọ mẹ́ta, mo wá ń wo àjà. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo fi há a tẹ́lẹ̀, mo sì sọ ọ́ di Yorùbá kó lè rọ̀ mí lọ́rùn: ìtàn, ìwé, ìṣe, ìgbà, ilẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, "i" ni gbogbo ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ 😂 kí ni mo fẹ́ fìyẹn rántí?

Ìgbà yẹn ni mo wá lo ilé ìyá àgbà mi n'Íbàdàn, torí kò sí igun tí mi ò mọ̀ níbẹ̀, tí n bá dijú mo lè rìn ín já. Ní géètì, òkú kan dìde jókòó, ó na ọwọ́, ó gba dùndún lọ́wọ́ mi, wọ́n lẹ ogún náírà mọ́ ọn níwájú orí. Dùndún ni Idundun, òkú tó ń gbà á ni Okumagba, Múrítàlá tó wà lára ogún náírà ni ọdún, 1976 ni wọ́n pa á. Ọ̀rọ̀ rírùn ni, àmọ́ mi ò gbàgbé ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn arúgbó jókòó síbẹ̀ wọ́n ń pa ìtàn bí bàbá ńlá wọn ṣe tẹ ilẹ̀ náà dó, ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ nìyẹn. Ní pálọ̀, fáànù ń da ìwé ilẹ̀ sílẹ̀ bí òjò. Ní kíṣìnì, ìyá àgbà ń gba owó rẹ́ǹtì lọ́wọ́ ewúrẹ́, ìṣe onílẹ̀ nìyẹn, pé èèyàn ń tà á, ó ń fi gba rẹ́ǹtì, ó ń ṣe é léraléra débi pé ó hàn pé tiẹ̀ ni. Nídìí kànga, bàbá kan ti jókòó pẹ́ tí koríko fi hù bo ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn wíwà lórí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ògiri ẹ̀yìnkùlé, bàbá kan náà na ẹsẹ̀ kan kọjá sí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́, torí tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹ ni ilẹ̀ tó so mọ́ ọn wà, ó ṣeé ṣe kí èyí náà jẹ́ tìẹ.

Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ló máa ń dà mí rú jù. Àgbẹ̀ tó ń roko ni mo kọ́kọ́ fi sí ibi méjèèjì, mi ò wá mọ èwo ni èwo mọ́. Ìgbà tí mo jẹ́ kí ọ̀kan máa gbowó, tí èkejì jókòó gbagidi, ló tó yà. Tí nǹkan méjì bá jọra, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni kó o yà sójú, má ya ibi tí wọ́n ti jọra.

Mo tún fi ọmọ kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó na ìka kan ṣoṣo sókè. Ìka yẹn ló ṣe pàtàkì jù sha, torí ọ̀kan péré nínú márààrún tó láti borí. Ní ìdánwò kejì tí mo ti rántí márààrún, mo kọ pé bàbá gbọ́dọ̀ fi gbogbo ẹ̀ hàn, ibẹ̀ ni máàkì mi lọ. Ilé yìí ò lè bá ẹ lóye kéèsì, ohun tó o bá gbé síbẹ̀ náà lo máa bá.

Tìẹ tó ń dàrú yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé kan náà lò ń kó gbogbo kéèsì sí. Èmi náà gbé kéèsì mìíràn síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, òkú bá bá mi dé inú lọ́ọ̀ kọ́ńtíráàtì. Ilé ìyá àgbà wá di ti Idundun nìkan, mo lo ṣọ́ọ̀ṣì wa fún èkejì, ọ̀nà Bódìjà sí Dùgbẹ̀ fún ẹ̀kẹta.

Tó o bá gbé e síbẹ̀ tán, rìn ín padà lẹ́yìn wákàtí kan láìwo ìwé, lẹ́yìn náà kó o tó sùn, lọ́la, àti lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wá sí géètì lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó o bá ti dúró tó ò ń ronú, àwòrán ibẹ̀ ló rọ̀, pààrọ̀ ẹ̀ kíá, fi nǹkan tó ń pariwo tàbí tó ń rùn síbẹ̀. Èmi, pálọ̀ ni, ìwé lórí tábìlì ni mo fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá láìrí i.