Àkọlé láàárín láìpa sẹ́ẹ̀lì pọ̀

*Mo fi Merge & Center gbé àkọlé sáàárín A1 dé D1. Ní báyìí Excel kọ̀, kò bá mi to orúkọ mọ́. Kí ni kí n ṣe?*

Lo Center Across Selection dípò rẹ̀. Yan àkọlé náà, tẹ Merge & Center lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tú ká. Wá yan A1 dé D1, tẹ Ctrl+1, lọ sí Alignment, kí o mú Center Across Selection lábẹ́ Horizontal. Ojú ò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Merge ti sọ sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin di ẹyọ kan. Bí ibi tí o fẹ́ tò bá kan àkọlé náà, Excel á kígbe pé:

```
To do this, all the merged cells need to be the same size.
```

Center Across Selection kò pa nǹkan kan pọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú A1, B1 dé D1 sì ṣófo (kí wọ́n ṣófo lóòótọ́ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àkọlé ò ní tàn dé D1).

Ti Filter ló ń tanni jẹ jù, torí kì í kígbe. Ká ní o pa A2 dé A4 pọ̀ fún orúkọ ẹ̀ka kan: A2 nìkan ló di orúkọ náà mú. Bí o bá fi Filter wá a, ìlà 2 nìkan ló máa yọ, ìlà 3 àti 4 á pòórá. Center Across Selection kì í ṣiṣẹ́ lóòró, nítorí náà kọ orúkọ ẹ̀ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀.