Ìtumọ̀ Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀rọ̀ Faransé ni kẹ́ ẹ kà kẹ́ ẹ tó dárúkọ owó

"Ẹ kú ilé o. Kútọ̀nù ni mo wà. Ọ̀gá kan tó ń ṣòwò kòkó ní Àkúrẹ́ fẹ́ kí n bá òun túmọ̀ ìwé láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí n dá owó lé e lónìí. Ṣé ojú ìwé ni wọ́n fi ń kà á ni? Eélòó ni kí n pè?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dárúkọ owó kankan. Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ níbí lèmi wà, ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, irú iṣẹ́ yìí gan-an ni mò ń ṣe jẹun, ohun tójú mi sì ti rí lọ́wọ́ àwọn ará ilé wa lórí owó ìtumọ̀, ó pọ̀. Àbúrò ìyá yín kan á ti bá wọn sọ ọ́ ní Ọjà Ọba, á ti ní "ọmọ wa wà lọ́hùn-ún, ó gbọ́ Faransé dáadáa, kò ní gba owó tó pọ̀", kí wọ́n tó pè yín wọ́n ti ní iye kan lọ́kàn. Wọ́n á wá fi ojú ìwé bíi mẹ́rin ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, lẹ́tà tí ò le rárá, ẹ ẹ́ pe owó ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn ni àfikún á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìwé ìdásílẹ̀ ilé iṣẹ́, ìwé ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n fi fóònù yà tí ìdajì ẹ̀ ṣókùnkùn. Owó ojú ìwé tẹ́ ẹ pè níjọ́sí náà ni wọ́n á dì mú. Ojú ìwé kan lè ní 150 ọ̀rọ̀, èkejì ẹ̀ á ní 500, torí náà ojú ìwé kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ gba gbogbo fáìlì pátá ná.

Ibi tó ń jẹ owó èèyàn gan-an nìyí o: kódà tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kà á, ọ̀rọ̀ èdè wo? Oníbàárà kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tán, ló bá ṣí fáìlì Gẹ̀ẹ́sì, ó wo nọ́ńbà tí Word kọ sísàlẹ̀, ó ní iye ọ̀rọ̀ tí mo sọ kọ́ lòun rí, òun ò ní san ìyókù. Bẹ́ẹ̀ Faransé máa ń gùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, tẹ́ ẹ bá túmọ̀ ẹ̀ dáadáa ó máa ń dín kù, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo sábà máa ń rí. Pé ẹ mọṣẹ́, tẹ́ ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ṣókí, ìyẹn ni wọ́n á fi gé owó yín! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fèsì pé àwọn gbà: iye ọ̀rọ̀ Faransé inú fáìlì, bí Word ṣe kà á kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, la máa san owó lé lórí. Tó bá jẹ́ pé àwòrán lásán ni ìwé náà, tí Word ò lè kà á, ẹ lè gbà láti ka Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹ gbé owó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, ohun tẹ́ ẹ máa gbà ní 20 náírà lórí Faransé gbọ́dọ̀ di bíi 23 lórí Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan tún wà lórí kíkà yẹn. Àwọn Faransé máa ń fi àlàfo síwájú àmì ìbéèrè àti àmì ìyanu, bí wọ́n bá fi àlàfo lásán tẹ̀ ẹ́, Word á ka àmì náà bí ọ̀rọ̀ kan. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jà á rí i, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gba nọ́ńbà yẹn ṣáájú nìyẹn.

Ní ti iye owó, ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé eélòó ni wọ́n ń gbà. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ pa lójúmọ́ lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní 40,000 náírà ni, tẹ́ ẹ sì lè túmọ̀ 2,000 ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí ò le lóòjọ́, kẹ́ ẹ tún un kà, ọ̀rọ̀ kan di 20 náírà. Ìwé tó le ń dín iye ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ lè ṣe lóòjọ́ kù, owó ọ̀rọ̀ kan á sì ga tìtorí ẹ̀, kò sí ìdí kankan mìíràn. Ìwé ìdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ láti Bẹ̀nẹ̀ tàbí Àbíjàn, abẹ́ òfin okòwò àjọlò tí wọ́n ń pè ní OHADA ló wà, orílẹ̀-èdè 17 ló ń lò ó, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀ ò bá òfin ilé iṣẹ́ wa mu, ẹ ẹ́ máa ṣí òfin OHADA tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì wò lábala lábala. Níbẹ̀ lèmi ò lè kọjá 1,250 ọ̀rọ̀ lóòjọ́, ọ̀rọ̀ kan di 32 náírà. Ìwé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ kòkó, 1,600 lóòjọ́, 25 náírà. Ẹ gbìyànjú ojú ìwé kan nínú ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago kẹ́ ẹ fi mọ tiyín.

Ẹ wò ó bí ọ̀gá yẹn bá kó 6,000 ọ̀rọ̀ wá: lẹ́tà 800 jẹ́ 16,000 náírà, ìwé ìdásílẹ̀ 4,200 jẹ́ 134,400, ìwé ẹ̀rọ 1,000 jẹ́ 25,000. Àpapọ̀ ẹ̀ 175,400, ó sì máa gbà yín ju ọjọ́ mẹ́rin lọ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi owó lẹ́tà ka gbogbo ẹ̀, 120,000 lẹ bá gbà, 55,400 á ti lọ. Tí wọ́n bá wá tún ka Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ 5,300, nǹkan bí 20,000 á tún lọ lórí owó tó tọ́ gan-an.

Gbèdéke lọ̀rọ̀ tó kù. Ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀ tí mo sọ yẹn, iṣẹ́ ojoojúmọ́ lásán ni, ẹ fi ọjọ́ kan lé e fún títún gbogbo ẹ̀ kà lápapọ̀, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ mẹ́fà fún wọn. Tí wọ́n bá ní ọjọ́ mẹ́ta làwọn fẹ́, òru àti Sátidé yín ni wọ́n ń rà, èmi máa ń fi ìdajì owó lé e, 263,100 náírà nìyẹn. Tí wọ́n bá ní ó pọ̀, ẹ ní kí wọ́n yan ìwé tó kánjú jù nínú ẹ̀, kí ìyókù wá lásìkò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ẹ́ rí i pé lẹ́tà nìkan ló kánjú.

Ẹ tún bi ọ̀gá náà pé ọ́fíìsì wo ló fẹ́ gbé ìtumọ̀ náà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní ilé wa dá ìwé tí mo ṣe padà torí mi ò túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú òǹtẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú, oníbàárà ń lọ ń bọ̀, ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ ò sí lórí àga, inú ṣì ń bí mi. Òǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà ní hẹ́dà lókè ojú ìwé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Word kì í ka wọ́n, ẹ̀yin ẹ kà wọ́n mọ́ ọn. Ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí pé ìtumọ̀ náà péye, owó ẹ̀ dá wà.

Ẹ gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tí iye tẹ́ ẹ pè máa kásẹ̀ sínú ẹ̀, torí náírà kì í dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ sefá lẹ fi ń ra oúnjẹ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ka fáìlì yẹn tán, ẹ kọ iye ọ̀rọ̀ àti irú ìwé tó jẹ́ síbí, màá bá yín wo ìṣirò ẹ̀ kó tó dé Àkúrẹ́.