Síítíì sikáànù ikùn lẹ́ẹ̀kejì: ṣé ìtànṣán rẹ̀ lè ṣe mí ní jàǹbá?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo ṣe síítíì sikáànù ikùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n kọ «CTDIvol 13 mGy, DLP 650 mGy·cm» sínú ìwé èsì mi. Dókítà ní kí n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ní Súrùlérè ní ìtànṣán yóò bó mi láwọ, àti pé kò sí bó ṣe kéré tó tí kò lè fa jẹjẹrẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ìpalára méjì tó yàtọ̀ síra ni ẹ̀gbọ́n yín dà pọ̀. Awọ máa ń bó nígbà tí ìtànṣán bá pa sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ débi pé ara kò lè tètè fi òmíràn rọ́pò wọn. Irú ìpalára yìí ní ààlà: bí ìwọ̀n kò bá dé ibẹ̀, kò ní ṣẹlẹ̀, bó bá sì kọjá ibẹ̀, bí ìwọ̀n ṣe ń pọ̀ ni ọgbẹ́ náà ń le. Kí awọ tó pọ́n, ó máa ń gbà tó nǹkan bíi 2,000 mGy lẹ́ẹ̀kan náà; mGy ni òṣùwọ̀n ìtànṣán tí ara fà mu. CTDIvol 13 tí ẹ kà, ìyẹn ìwọ̀n ìtànṣán tí ẹ̀rọ náà tú jáde níbi tó ń yà, jìnnà réré sí ìyẹn, nítorí náà ẹ fọkàn yín balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ awọ.

Jẹjẹrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ìtànṣán ba àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú rẹ̀ jẹ́, tí àtúnṣe rẹ̀ kò sì pé, lè bí jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwọ̀n tó pọ̀ kì í mú kí àìsàn náà le sí i. Ohun tó ń mú pọ̀ ni ṣíṣeéṣe rẹ̀. Àwọn tó ń ṣòfin ààbò wá gbà pé ṣíṣeéṣe yìí ń bá ìwọ̀n lọ ní ìlà tààrà láti òdo, láìsí ààlà kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé yín ṣírò rẹ̀. DLP ni àpapọ̀ ìtànṣán lórí gbogbo gígùn ibi tí wọ́n yà. Fún ikùn àgbàlagbà, a máa ń sọ DLP di púpọ̀ pẹ̀lú 0.015, èyí tó fún wa ní nǹkan bíi 10 ní mílísífáàtì, òṣùwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n ewu ìtànṣán fún gbogbo ara. Èyí tó bí ohun tí ènìyàn ń gbà lára ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti òfuurufú ní ọdún mẹ́rin, bí a bá mú ìpíndọ́gba àgbáyé. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n Ìgbìmọ̀ Àgbáyé fún Ààbò lọ́wọ́ Ìtànṣán, tí í ṣe nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 100 tí jẹjẹrẹ láti ara ìtànṣán lè pa fún mílísífáàtì 1,000, ó di nǹkan bí ẹnì kan nínú 2,000.

Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni àríyànjiyàn wà. Ara àwọn tó yè bọ́ nínú bọ́ǹbù Hiroṣímà àti Nagasákì ní 1945 ni ẹ̀rí tó lágbára jù ti wá, ó sì hàn kedere láti nǹkan bíi mílísífáàtì 100 sókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀, jẹjẹrẹ tí ohun mìíràn ń fà pọ̀ débi pé èyí tí ìtànṣán lè fi kún un kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé sọ pé ara ń tún sẹ́ẹ̀lì ṣe, nítorí náà ìlà náà ń sọ ewu di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ìlà náà ṣì bá ẹ̀rí mu jù. Lójú tèmi, ó wúlò fún òfin ààbò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi máa ka òkú: Ìgbìmọ̀ Àgbáyé fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní 2007 pé kí a má fi ìwọ̀n kíún lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣírò iye tí yóò kú.

Ẹ bi dókítà bóyá sikáànù tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún, èyí tí kò ní ìtànṣán, lè tó. Bí kò bá tó, tí èsì náà yóò sì yí ìtọ́jú yín padà, ẹ lọ ṣe é. Ẹ mú fọ́tò ti àkọ́kọ́ dání, kí ẹ sì bèèrè bóyá yíyà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó, torí bí wọ́n bá ya ikùn lẹ́ẹ̀mejì lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, DLP yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.