Èsì: ∫ dx/(x² + 6x + 13)

> Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọ̀la la ní tẹ́ẹ̀sì ní Ìlọrin níbí. ∫ dx/(x² + 6x + 13) ò ṣe é pín sí ìdá kéékèèké. Ibẹ̀ ni mo há sí.

Àbúrò, má wulẹ̀ pín in. Dá 6 sí méjì, ó di 3. 3² sì jẹ́ 9. Yọ 9 kúrò nínú 13, ó ku 4:

x² + 6x + 13 = (x + 3)² + 2²

Fi u rọ́pò x + 3, du = dx. Ìdáhùn rẹ:

½ arctan((x + 3)/2) + C

½ yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Tí o bá dífíréńṣíéètì ìdáhùn, tó wá jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fún ọ, òun ló sọnù.

Àmọ́ b² − 4ac gbọ́dọ̀ kéré sí òdo; tìrẹ jẹ́ 36 − 52 = −16. Ká ní 5 ló wà nípò 13 ni, −4 ni ì bá kù lẹ́yìn tí o bá yọ 9, b² − 4ac ì bá sì jẹ́ 36 − 20 = 16. Ìgbà yẹn lo máa pín in sí ìdá kéékèèké, tí ln á sì jáde.