Wẹ́dà gba owó ẹ̀rọ, kò gbé ẹ̀rọ wá: èló nilé ẹjọ́ yóò kà fún ọ?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà, iṣẹ́ gàárì ni mò ń ṣe. Mo san ₦650,000 nínú ₦900,000 fún wẹ́dà kan tó fẹ́ bá mi ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ tó dá ti kọjá oṣù kan. Mo gbọ́ pé ó fẹ́ ta ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn tó fẹ́ san jù mí lọ. Ṣé ilé ẹjọ́ lè fi agbára mú un kó gbé e fún mi? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ni mo lè gbà? Gbogbo èrè tí mo pàdánù ńkọ́?”

Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Mo ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń yan gàárì, ọdún 2019 sì ni ọ̀rọ̀ tèmi ṣẹlẹ̀. Mo jàre lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n owó tí mo gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí mo bèèrè. Kì í ṣe pé adájọ́ rẹ́ mi jẹ. Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka àdánù. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù.

Adéhùn èmi àti ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi ni pé yóò dé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje ló tó gbé e dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ẹ̀rọ ògbólógbòó tí mò ń lò nígbà náà kò lè ṣe ju báàgì mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀. Tuntun yìí lè ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo wá jókòó, mo ní báàgì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń pàdánù lọ́sẹ̀, lọ́nà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó di 90. Mò ń ta báàgì kan ní ₦9,000. Mo ní kí lọ́yà kọ ₦810,000 sílẹ̀. Mo fi ₦200,000 míì lé e, èrè gàárì tí ẹgbẹ́ kan nínú àwọn régbérégbé fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn fún àlejò ní Ojúde Ọba. Mo tún ní kí wọ́n fún mi ní mílíọ̀nù kan náírà owó gbà-máà-bínú, nítorí mi ò sùn dáadáa ní gbogbo ìgbà náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ wò ni ₦9,000 yẹn. Ó bi mí pé èló ni mo ń ná lórí báàgì kan kó tó di títà. Ẹ̀gẹ́ ₦4,800, igi ìdáná àti pẹtiróòlù ₦900, owó àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ àti àwọn tó ń yan án ₦1,100, àpò àti owó ọkọ̀ dé ọjà Òkè-Àjé ₦700. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦7,500. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò ti yan gàárì yẹn, mi ò ná owó náà. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, ₦1,500 tó ṣẹ́ kù lórí báàgì ni àdánù mi. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni kí owó gbé ọ dé ibi tí ò bá wà ká ní ẹnìkejì mú àdéhùn ṣẹ, kò gbọ́dọ̀ gbé ọ kọjá ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé ta ni ìbá ra báàgì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Pé ẹ̀rọ lè ṣe é kò túmọ̀ sí pé mo ní oníbàárà rẹ̀. Àdánù tó ṣeé kà lówó, dandan ni kí o to ó lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé ẹjọ́, kí o sì fi ẹ̀rí gbe é lẹ́sẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àròsọ kò tó, kódà bí ẹnìkejì kò bá jiyàn rẹ̀ gan-an. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ọmọ mi máa ń kọ ni ó gbà mí: orúkọ àwọn aláròóbọ̀ tó wá tí mi ò rí ọjà fún wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wá. Méjì nínú wọn wá jẹ́rìí. Iye wọn jẹ́ báàgì méjìlá lọ́sẹ̀. Méjìlá náà ni adájọ́ gbà.

Ibi tó dùn mí jù ló tẹ̀ lé e. Obìnrin kan ní àdúgbò wa ní ẹ̀rọ. Nígbà tí ó di òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ó ránṣẹ́ sí mi pé òun á bá mi rin ẹ̀gẹ́ mi, ṣùgbọ́n yóò fi ₦300 lé ìnáwó mi lórí báàgì kọ̀ọ̀kan. Ìjà kan ti wà láàárín wa tẹ́lẹ̀, mo kọ̀. Lọ́yà ẹnìkejì gbọ́, ó sì pe obìnrin náà wá sí kóòtù. Òfin ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó bójú mu láti dín àdánù rẹ̀ kù. Èyí tí ìbá lè yẹra fún tí kò yẹra fún, orí ara rẹ̀ ló wà. Kò ní kí o ta ilé tàbí kí o lọ yáwó èlé gọbọi, ìgbésẹ̀ tí ọlọ́gbọ́n oníṣòwò yóò gbé ni. Adájọ́ ka ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ fún mi tán pátápátá: báàgì 24 ní ₦1,500, ₦36,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yòókù, báàgì 48, ₦300 tí ìbá jẹ́ àfikún ìnáwó mi nìkan ló kà: ₦14,400. Àpapọ̀ jẹ́ ₦50,400.

Ti gàárì Ojúde Ọba ńkọ́? Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀. Ẹjọ́ kan ni lọ́yà ẹnìkejì gbé kalẹ̀, Hadley àti Baxendale, tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1854, tí àwọn kóòtù wa náà ń tẹ̀ lé. Àwọn tó ni ilé ìlọ ọkà kan ní Gloucester fi ọ̀pá ẹ̀rọ wọn tó kán rán àwọn akẹ́rù, kí wọ́n lè fi ṣe àwòṣe òmíràn. Àwọn akẹ́rù fi falẹ̀, ilé ìlọ ọkà sì wà ní títì pa. Kóòtù ní wọn kò lè gba èrè ọjọ́ wọ̀nyẹn, nítorí àwọn akẹ́rù kò mọ̀ pé wọn ò ní ọ̀pá míì. Ọ̀nà méjì ni àdánù fi lè wọlé: kó jẹ́ irú èyí tó máa ń tẹ̀lé bíba àdéhùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí kó jẹ́ èyí tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe àdéhùn. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi mọ̀ pé gàárì títà ni mò ń ṣe, ìdí nìyẹn tí èrè ojoojúmọ́ fi wọlé. Mi ò sọ ti régbérégbé fún un títí tí mo fi sanwó. Lẹ́yìn tó ti pẹ́ ni mo tó pariwo rẹ̀, ìyẹn kò sì ka nǹkan kan.

Mílíọ̀nù kan náírà gbà-máà-bínú náà wọgbẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ òwò, bí wọ́n bá ti ka àdánù rẹ fún ọ, wọn kì í san án lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ orúkọ míì.

Wàyí o, tìrẹ. Má fi owó rẹ lé ìrètí pé kóòtù yóò fi agbára mú wẹ́dà náà gbé ẹ̀rọ fún ọ. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n níbi tí owó kò ti lè tán ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pa á. Ilẹ̀ ni àpẹẹrẹ rẹ̀, torí kò sí ilẹ̀ méjì tó jọra. Ká ní ilẹ̀ ni o ra ní Orù, tí o sì ṣe tán láti san èyí tó kù, èmi gan-an ì bá ní kí o bèèrè rẹ̀. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀. Bí wẹ́dà mìíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde bá lè ṣe irú rẹ̀, adájọ́ yóò ní kí o gba owó.

Bákan náà ni àṣẹ tí yóò dá a lọ́wọ́ kọ́ kó má tà á. Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà ń tọ́ka sí níbí ni ti Kotoye àti Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 1989. Wọn yóò wò ó bóyá ọ̀rọ̀ gidi wà láti gbọ́, ta ni ìdádúró yóò pa lára jù, àti bóyá owó lè wo ọgbẹ́ rẹ sàn bí o bá jàre. Wọn yóò sì ní kí o jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ó bá hàn lẹ́yìn pé kò yẹ kí o gba àṣẹ náà, ìwọ ni yóò san àdánù tó bá ẹnìkejì. Ẹ̀jẹ́ yẹn kì í ṣe eré. Bí ó bá sì ti ta ẹ̀rọ náà, kò sí ohun tí wọ́n á dá dúró mọ́, torí àṣẹ yìí kì í tú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ká.

Owó ni kí o dojú kọ. Jẹ́ ká ní wẹ́dà míì sọ pé ₦1,050,000 ni irú ẹ̀rọ náà báyìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á bèèrè ₦1,050,000 látọwọ́ ẹni àkọ́kọ́, wọ́n á sì pàdánù lójú adájọ́, nítorí bí àdéhùn bá ṣẹ, ₦250,000 ṣì kù tí o ní láti san. Ohun tó tọ́ sí ọ ni ₦650,000 tí o ti san, pẹ̀lú ₦150,000 tí ọjà fi gbówó lórí ju iye àdéhùn lọ, ₦800,000. Ṣírò ó wò: o san ₦650,000, o tún san ₦1,050,000, wọ́n dá ₦800,000 padà, ₦900,000 ló jáde lápò rẹ, iye tí ìwọ fúnra rẹ gbà láti san gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o ka èrè tó bọ́, láti ọjọ́ tó dá títí di ìgbà tí o ti lè rí ẹ̀rọ míì, bí mo ṣe ka tèmi lókè yìí.

Bí ó bá jẹ́ pé irọ́ ló pa fún ọ kí o tó sanwó, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ míì lójú òfin, ìṣírò rẹ̀ sì yí padà. Àdéhùn máa ń wo iwájú, ibi tí ò bá dé. Irọ́ máa ń dá ọ padà sẹ́yìn, sí ibi tí o wà kí o tó gbà á gbọ́. Ká ní ó gbé ẹ́ńjìnnì àlòkù fún ọ ní ₦420,000 gẹ́gẹ́ bíi tuntun, tí ti gidi rẹ̀ jẹ́ ₦300,000, ₦120,000 ni irọ́ yóò dá padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣèlérí nínú àdéhùn pé tuntun ni, tí tuntun bẹ́ẹ̀ sì ń lọ ní ₦480,000, àdéhùn yóò fún ọ ní ₦180,000. Jẹ́ kí lọ́yà rẹ ṣe ìṣírò méjèèjì kó tó kọ ìwé.

Lọ́sẹ̀ yìí, kọ lẹ́tà sí wẹ́dà náà, fún un ní ọjọ́ kan pàtó, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Gba ìwé iye owó lọ́wọ́ wẹ́dà méjì míì, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá ní ẹ̀rọ, lọ bá a lónìí, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹ ò jọ kí ara yín, kí o sì gba rìsíìtì gbogbo owó tí o bá san fún un.