Bí géèmù bá ń fà tìkọ̀ nígbà tí a yọ ṣájà

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Géèmù bọ́ọ̀lù tí mò ń gbá lórí lápútọ́ọ̀pù mi máa ń já geere bí iná bá wà. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ báyìí, FPS á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bátìrì sì kún o. Kí ni mo lè yí padà? Ìkòròdú ni mò ń gbé, ẹ mọ bí iná wa ṣe rí.”

Àbúrò, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kọ́kọ́ wo bí FPS yẹn, ìyẹn iye àwòrán tí géèmù ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣe ń já. Yọ ṣájà, ṣí géèmù náà, kó o wá tẹ Alt+R pa pọ̀, bó bá jẹ́ pé káàdì NVIDIA lo ní, tí NVIDIA app sì wà lórí ẹ̀rọ rẹ. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké á jáde sí igun ojú ẹ̀rọ: FPS, wáàtì tí GPU tó ń ya àwòrán ń fà, àti bí CPU tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Bí FPS bá dúró gbọn-in ní 30, tí kò gòkè, tí kò sọ̀ kalẹ̀, sọ́fútíwíà kan ló dá a dúró síbẹ̀. Bó bá ń gòkè tó ń sọ̀, 26, 41, 33, a jẹ́ pé iná tó ń wá láti inú bátìrì ni kò tó o. Má pa méjèèjì pọ̀ o, torí ohun tó ń wo ọ̀kan kì í wo èkejì.

Ojú mi rí tó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó ní kí n fi RAM kún tèmi. Òmíràn ní kí n pa Windows rẹ́, kí n tún un gbé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó RAM lọ, géèmù ò yí padà, nítorí RAM kò sí nínú ẹjọ́ náà rárá.

Wo tèmi gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. RTX 3050 ló wà nínú rẹ̀, ṣájà rẹ̀ jẹ́ wáàtì 180, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 57 Wh. Bátìrì bẹ́ẹ̀ lè fún ẹ̀rọ ní wáàtì 57 fún wákàtí kan kó tó gbẹ. Bí géèmù bá ń fa wáàtì 130 láti inú rẹ̀, bó ṣe ń fà á nígbà tí ṣájà wà lára ẹ̀rọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú 26 ni gbogbo rẹ̀ á fi tán. Kì í sì í ṣe pé á tètè tán nìkan. Bí a bá fa iná jù lára bátìrì, á gbóná, fóltéèjì rẹ̀ á wálẹ̀, ẹ̀rọ sì lè kú pii láàárín eré. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi fi ààlà sí i nínú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí, pé bí kò bá ti sí ṣájà, CPU àti GPU ò gbọdọ̀ fa ju iye báyìí lọ. Kò sí ohun tó o máa tẹ̀ nínú Windows tó lè mú ààlà yẹn kúrò. Torí náà, má retí 90 FPS tó ò ń rí nígbà tí iná wà. Ohun tí a ń wá ni kí ìwọ̀nba wáàtì tó wà nílẹ̀ lọ síbi tó yẹ.

Bí tìrẹ bá jẹ́ 30 gbọn-in, ó rọrùn. Wá Battery Boost nínú NVIDIA app (GeForce Experience ni lórí àwọn ẹ̀rọ tó ti pẹ́), kó o pa á, tàbí kó o gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín FPS kù kí bátìrì lè pẹ́, kì í sì í ṣiṣẹ́ bí ṣájà bá wà lára ẹ̀rọ. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í fura sí i. Bó o bá pa á tó ṣì wà ní 30, wo V-Sync, èyí tó ń mú FPS bá ìyára ojú ẹ̀rọ mu, nínú géèmù fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ò bá lè dé 60, V-Sync lè fà á wálẹ̀ sí 30 tààrà. Bó bá jẹ́ pé káàdì AMD lo ní, Radeon Chill ni kó o wò dípò Battery Boost.

Lẹ́yìn náà, lọ sí Settings > System > Power & battery > Power mode, kó o yan Best performance. Yọ ṣájà kó o tó ṣe é, nítorí Windows ya ti bátìrì sọ́tọ̀ sí ti ṣájà. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ní app tiẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, yẹ ibẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń padà sí ipò jẹ́jẹ́ fúnra wọn bí iná bá lọ.

Èyí tó wá ya èmi fúnra mi lẹ́nu rèé. CPU àti GPU jọ ń pín wáàtì kan náà ni nígbà tó bá jẹ́ bátìrì là ń lò. Bí CPU bá ń sáré débi tí agbára rẹ̀ mọ, ó ń jẹ nínú ìpín GPU, bẹ́ẹ̀ GPU ló ń ya àwòrán géèmù. Dín eré CPU kù díẹ̀, GPU á rí wáàtì sí i. Ṣí Terminal gẹ́gẹ́ bí Administrator, kó o tẹ èyí:

```
powercfg /setdcvalueindex SCHEME_CURRENT SUB_PROCESSOR PROCTHROTTLEMAX 99
powercfg /setactive SCHEME_CURRENT
```

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, 99 yìí máa ń pa turbo CPU, ìyẹn àfikún eré rẹ̀, ti bátìrì nìkan ló sì kàn. Bí o bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, turbo á padà. Lórí tèmi, wáàtì GPU kúrò ní 24 ó bọ́ sí 31, FPS tó ń fò láti 28 sí 50 sì wá ń rìn láàárín 42 sí 50. Ó láàlà o: géèmù tó jẹ́ pé CPU ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ á túbọ̀ fà ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fi 100 rọ́pò 99, kó o tún tẹ méjèèjì.

Ó ku ti inú géèmù. Gbé àwòrán láti 1920x1080 wá sí 1600x900. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá iṣẹ́ GPU lo gbé kúrò lórí rẹ̀ yẹn. Dín òjìji kù, kó o wá fi FPS dúró sí 45 fúnra rẹ. 45 tó dúró ṣinṣin dára lójú ju èyí tó ń fò láàárín 28 sí 50 lọ, bọ́ọ̀lù ò sì ní máa pàdánù mọ́ ẹ lójú nígbà tó o bá fẹ́ gbá a sí àwọ̀n.

Bó o bá ṣe gbogbo èyí tí wáàtì GPU ò kúrò lójú kan, ó lè jẹ́ pé bátìrì ti gbó. Tẹ `powercfg /batteryreport`, ṣí fáìlì tó bá ṣe jáde, kó o fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti wá sí nǹkan bí ìdajì èkejì, bátìrì yẹn ò lè gbé ẹrù géèmù mọ́, bó tilẹ̀ ń kọ 100% sójú ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ló tọ́ kó o náwó, orí bátìrì ni kó o sì ná an sí.

Bí o bá ti wò ó, kọ FPS rẹ, wáàtì GPU àti nọ́ńbà méjì inú fáìlì yẹn wá, kí n bá ẹ wò ó.